Ẹ̀yin tó kọ́ ohun èlò orin lágbà, báwo lẹ ṣe ṣẹ́gun ibi tó le jù nínú orin?

Ìyá Tọ́lá (Abẹ́òkúta)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó fọwọ́ kan dùùrù rárá. Kíbọ́ọ̀dù oníkíì 61 ni mo ní nílé, torí pé ó ń lo bátìrì, ẹ ṣáà mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí. Olùkọ́ mi ni bàbá kan tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọ̀nà tó fi ń kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín.

Orin tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ni mínúẹ́tì kékeré kan tí dò rẹ̀ wà lórí G, èyí tó wà nínú ìwé orin tí Anna Magdalena Bach bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1725. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé Johann Sebastian Bach, ọkọ rẹ̀, ló kọ ọ́, àmọ́ Christian Petzold ló ni ín. Orin náà kò gùn, báà 32 péré ni, ìyẹn àwọn ẹ̀ka kéékèèké tí wọ́n fi ìlà pín orin sí, ó sì ń lọ geere títí a ó fi dé báà 21. Ohùn mẹ́fà ni ọwọ́ ọ̀tún máa tẹ̀ níbẹ̀, gbogbo wọn ń gun òkè tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ sólífà, r m fe s l t ni. Ìka márùn-ún ló wà lọ́wọ́, ohùn sì jẹ́ mẹ́fà. Àtàǹpàkò ní láti gba abẹ́ ìka kẹta kọjá lọ tẹ s. Ibẹ̀ ni gbogbo ìjọ̀ngbọ̀n wà.

Bàbá yìí kì í jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti òkè orin. Bí mo bá ti jókòó, báà 21 ni. Ó kọ́kọ́ ní kí n fi fóònù gbà á sílẹ̀, kí n sì tẹ́tí sí i láìfọwọ́ kan kíì. Ohun tí mo gbọ́ yà mí lẹ́nu: àlàfo kékeré kan wà lẹ́yìn fe, lẹ́yìn náà s wá dún gbàà, bí ẹni tó kanlẹ̀kùn. Ó ní fe àti s gan-an kò ṣe mí ní nǹkan kan. Àtàǹpàkò mi ló ń ṣeré níta nígbà tí ìka kejì àti ìkẹta ń ṣiṣẹ́, ìgbà tó bá wá ku díẹ̀ káàtó ló máa tó sáré wọlé, ìgúnpá mi á sì gbéra sókè láti tì í.

Ìwòsàn tó fún mi kéré lójú. Kí n tẹ m àti fe nìkan, kí n dúró lórí fe. Bí mo bá ti dúró, kí n wo ọwọ́ mi. Ṣé àtàǹpàkò ti wà lórí s, tó kàn án láìtẹ̀ ẹ́? Bí kò bá sí níbẹ̀, kò tíì yá. Kíì dúdú ni fe, ó ga díẹ̀, nítorí náà àyè wà lábẹ́ ìka tó bá tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò á kọjá láìha. Nígbà tí èyí bọ́ sí i, a fi s kún un. Lẹ́yìn náà, ohùn kan níwájú, ohùn kan lẹ́yìn, títí tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi pé. Kò sì jẹ́ kí n dúró síbẹ̀, àfi kí n wọ ohùn àkọ́kọ́ nínú báà 22. Ó ní ẹni tó bá ń dánra wò láti ìlà báà dé ìlà báà, ìlà yẹn gan-an ni yóò máa kọsẹ̀ lé nígbà tó bá tẹ odindi orin.

Mẹ́tírónóòmù orí fóònù, ohun tó ń lù kí a lè mọ bí a ṣe ń yára sí, wà ní lílù 60 ní ìṣẹ́jú kan, ohùn kan fún lílù kan. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn láìsí àlàfo, a gùn ún sí 64. Bí mo bá kọsẹ̀, a padà sílẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, a ti gba ibòmíràn lọ, kí a tó tún padà síbẹ̀ kí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn tó parí. Ìdánwò gidi ni ti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ọwọ́ ṣì tutù. Ó ní bí ó bá lọ dáadáa nígbà náà, mo ti mọ̀ ọ́n. Ti alẹ́ àná kò ṣe é gbára lé.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Tọ́lá. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún méje, ó fẹ́ràn ìlù. Ṣé kíbọ́ọ̀dù ni kí n kọ́kọ́ rà fún un àbí rẹ́kọ́dà? Ìyẹn ni mo rò pé ẹ ń sọ.

Adéọlá

Ìyá Ìbejì, àgbà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ o. Ìyá Tọ́lá, mo gbà pé kí a dánra wò, ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa. Wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wákàtí lèèyàn máa fi dánra wò kó tó di akọni. Ẹni àádọ́ta ọdún, ìgbà wo ló fẹ́ rí wákàtí yẹn?

Ọ̀gá Dùùrù (Ìjẹ̀bú-Òde)

Adéọlá, ìdajì òótọ́ lo sọ. Ericsson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ìwádìí yẹn jáde lọ́dún 1993, lórí àwọn tó ń kọ́ fáólíìnì ní Berlin. Àwọn tó dára jù nínú wọn ló ti lo bíi wákàtí yẹn, tí a bá pín in dọ́gba, kí wọ́n tó pé ogún ọdún. Kì í ṣe pé ẹni tó bá ti débẹ̀ ti di akọni nìyẹn. Ohun tó yẹ kí o mú níbẹ̀ ni irú wákàtí tí wọ́n lò: àwọn nìkan, lórí ohun tí ọwọ́ wọn kò tíì gbà, tí olùkọ́ ti là sílẹ̀ fún wọn. Ìyá Tọ́lá kò bá ẹnikẹ́ni díje ní Berlin. Báà 21 ló fẹ́ tẹ̀.

Bàbá tó ń kọ́ wọn mọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jẹ́ atẹdùùrù ni kò mọ ibi tó ń dun akẹ́kọ̀ọ́; a óò kàn máa sọ pé “tún un tẹ̀”. Ẹni tó bá tún un tẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò tó pẹ́ dé, pípẹ́ yẹn ló ń kọ́.

Káyọ̀dé (Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Gángan ni èmi ń kọ́, wọn ò bí mi sí ìdílé Àyàn, ẹ má ṣe bú mi. Ohun tí ẹ sọ yìí bá tèmi mu. Gbogbo èèyàn rò pé kíkó ohùn sókè ló le. Rárá o. Ohùn dò, èèyàn kò fún ọṣán rárá. Ohùn mí, fún un gan-an. Ṣùgbọ́n re, níbo lo fẹ́ fún un dé? Kò sí àmì kankan lára okùn.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta” ló fọ́ mi lórí. Re mí re mí mí re ni. Re ìkẹyìn yẹn, “ta”, ń bọ̀ láti orí mí méjì, apá mi sì máa ń tú ọṣán sílẹ̀ tán, ó wá di dò. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá níbí máa ń rẹ́rìn-ín, torí ìlù mi ń sọ nǹkan mìíràn. Mo wá gé e: “mẹ́ta” nìkan, mí re, mí re, láìlu ohun tó ṣáájú. Bí mo bá ti lù ú, mo máa ń fi ẹnu pè é kíá, kí n gbọ́ bóyá ìlù àti ẹnu bára mu. Ẹnu ni mẹ́tírónóòmù tèmi. Ọ̀gá mi kò fẹ́ràn gígé yẹn ṣá. Ó ní àwọn Àyàn kì í gé ọ̀rọ̀, odindi ni ọmọ wọn ń gbọ́ láti kékeré. Mo sọ fún un pé mi ò gbọ́ ọ láti kékeré, tèmi yàtọ̀.

Bọ̀dé Sáksì (Èkó)

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní àtakò díẹ̀. Gbogbo yín ń sọ pé kí a máa lọ díẹ̀díẹ̀. Lórí saksofóònù, ibi tó le jù fún àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni láti C sí D lókè. Ìka kan ṣoṣo ló di C mú, ṣùgbọ́n D gba ìka mẹ́fà àti àtàǹpàkò òsì tó máa tẹ kíì òkè, kí gbogbo wọn balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá ṣe é lọ́ra, ó máa ń dára bí ẹyin. Bí mo bá yára, ohùn àjèjì kan á yọ láàárín wọn, torí ìka kan pẹ́ ju èkejì lọ, ìlọ́ra sì ń bò ó mọ́lẹ̀.

Èmi a máa fi eré sísá kọ́ ọ. C-D, ohùn méjì péré, kíá bí mo ṣe fẹ́ kó rí nínú orin, lẹ́yìn náà mo dúró, mo mí, mo tún ṣe é. Lẹ́yìn náà ohùn mẹ́ta, mẹ́rin. Mi ò lọ́ra rárá.

Ọ̀gá Dùùrù (Ìjẹ̀bú-Òde)

Bọ̀dé, mi ò bá ọ jà. Ọwọ́ tó ń sáré kì í ṣe ọwọ́ tó ń rìn tí a kàn lé ní eré. Ní pọ́nbélé, ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ ń ṣe ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì mọ ibi tí àtàǹpàkò ń lọ, bó bá sáré, àṣìṣe ni yóò sáré kọ́. Èmi máa ń kọ́kọ́ lọ́ra, lẹ́yìn náà mo gba ọ̀nà tìẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní dùùrù kò gbà, ó ní ìlọ́ra títí lọ ni. A ti ń jiyàn náà ọjọ́ pẹ́.

Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ ṣá, ẹ̀yin àgbà: bí ọrùn ọwọ́ bá ń ro yín tàbí tí ìka ń kú tìpìrì, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ yẹn. Títún ibì kan náà ṣe lórí ìrora kì í ṣe ìdánrawò mọ́. Bó bá sì ń padà wá, kí dókítà wò ó.

Ìyá Tọ́lá (Abẹ́òkúta)

Ẹ ṣé gan-an. Káyọ̀dé, mo rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Ìbejì, kíbọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ rà, kó jẹ́ èyí tó ń lo bátìrì.

Ọ̀gá Dùùrù, ìbéèrè kan: ọwọ́ mi kéré. Ṣé mo lè lo ìka mẹ́rin kí àtàǹpàkò tó kọjá, kó lọ tẹ l dípò s?

Ọ̀gá Dùùrù (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ó ṣe é ṣe, mà. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìka kẹrin ni àtàǹpàkò máa gbà, lórí kíì funfun, ó sì jìn ju abẹ́ ìka kẹta lórí kíì dúdú lọ. Ọwọ́ kékeré ni mo tilẹ̀ máa gbà níyànjú pé kó yẹra fún un. Ẹ dán méjèèjì wò lónìí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́ra àti kíákíá, kí ẹ tún rí i pé ìka tó kù yóò bá yín wọ báà 22. Èyí tó bá gbà yín, ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà rẹ̀ sókè ohùn, kí ẹ má sì yí i padà mọ́.

Adéọlá

Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ ń gbé ní Ìjẹ̀bú? Mo fẹ́ wá bá yín kọ́ ọ.