Olùdarí wa kì í ka àtẹ̀jíṣẹ́ mi dópin, ẹ bá mi gé e kúrú

Abíọ́dún: Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí fóònù ni olùdarí wa ti máa ń ka nǹkan, láàárín ìpàdé kan sí òmíràn. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ òní, Ọjọ́rú, rèé. Kò tíì fèsì:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Bí ẹ ṣe mọ̀, láti ọjọ́ Ajé la ti ń kó orúkọ àwọn oníbàárà lọ sórí ètò tuntun. Pásíwọ́ọ̀dù ò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, a pe àwọn tó ta ètò náà fún wa, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó tún un ṣe. A ti kó 3,200 nínú 4,000. Nọ́ńbà fóònù àwọn 800 tó kù ò pé, a ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa ń sapá gan-an. Ó lè má parí lọ́jọ́ Ẹtì mọ́. A ò mọ̀ bóyá ká ṣí i báyìí tàbí ká dúró."

Kí ni kí n yọ?

Fúnmi: Yọ ọ̀rọ̀ 800 yẹn, má fi ìṣòro da ọ̀gá láàmú. "A ti kó 3,200, iṣẹ́ ń lọ." Ó tán.

Bàbá Akọ̀wé: Fúnmi, ó yẹ kó kúrú lóòótọ́, àmọ́ ohun tó o ní kó yọ yẹn gan-an ni ọ̀gá fẹ́ mọ̀. Tí ọjọ́ Ẹtì bá dé tí iṣẹ́ ò parí ńkọ́?

Abíọ́dún, o tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, ìbéèrè rẹ wá bọ́ sísàlẹ̀ pátápátá. "A ò mọ̀ bóyá" kì í sì í ṣe ohun téèyàn ń dáhùn. Èmi á kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Mo nílò àṣẹ yín kó tó di aago 12 ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Kíkó orúkọ oníbàárà ò ní parí lọ́jọ́ Ẹtì, ó di Ọjọ́rú tó ń bọ̀. 3,200 nínú 4,000 ti wọlé. Nọ́ńbà fóònù àwọn 800 tó kù ni ò pé. Àbá mi: ká ṣí ètò tuntun fún àwọn 3,200 lọ́jọ́ Ẹtì, kí àwọn 800 ṣì wà lórí ti àtijọ́. Tí ẹ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dúró di Ọjọ́rú."

Ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù ti lọ, torí wọ́n ti tún un ṣe, kò sì kan ohun tí ọ̀gá fẹ́ pinnu. Àmọ́ Ọjọ́rú tí mo kọ yẹn, mélòó lẹ ń yanjú lóòjọ́?

Abíọ́dún: Bí 200, sà. Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Ajé, Ìṣẹ́gun: 800 pé.

Bàbá Akọ̀wé: A jẹ́ pé Ọjọ́rú dúró. Tí ẹ bá rí i lọ́la pé 150 péré lẹ ṣe, tètè sọ fún un.

Ìyá Tọ́pẹ́: Ọ̀gá tèmi ní tí mo bá kọ kúkúrú, ó dà bíi pé mò ń pàṣẹ fóun. Ìpàdé ni mo máa ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ṣé kó má lọ rí i lójúkojú ni?

Bàbá Akọ̀wé: Ìyá Tọ́pẹ́, ti Abíọ́dún ò ráyè ìpàdé. Ní tiyín, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ sì fi "àbá mi" sí i; ó máa ń tù wọ́n lára.

Fúnmi: Ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ fi ẹnu sọ pé ọjọ́ ti yẹ̀, kó tó kọ ọ́?

Bàbá Akọ̀wé: Tó bá máa gbé fóònù, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn, Abíọ́dún ló mọ ọ̀gá rẹ̀.

Abíọ́dún: Kì í gbé e. Mo ti fi èyí tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́, mo fi "Àṣẹ yín kó tó di aago 12 Ọjọ́bọ̀" ṣe àkọlé.