Àbọ̀: àyẹ̀wò fóònù mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì

Ìbéèrè mi: «Báwo ni mo ṣe lè kọ òtítọ́ nípa bátìrì, kámẹ́rà àti iye owó fóònù yìí?»

Ẹ ṣeun. Ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí n má ka ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ mọ́ bátìrì ló ṣiṣẹ́ jù, nítorí pé fóònù tuntun ṣì ń gba áàpù sílẹ̀, ó sì ń to fọ́tò lábẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, iná rẹ̀ ti ku 15% ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ karùn-ún, nǹkan bí 40% ló ń kù ní wákàtí yẹn, bẹ́ẹ̀ ìlò mi kò yí padà.

Ẹni tó ní àwòrán òru nìkan ló tó dán kámẹ́rà wò tọ̀nà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a tún ya ohun tó ń rìn. Nínú iná yàrá kan náà, ife orí tábìlì hàn kedere, ṣùgbọ́n ojú ọmọ mi tó ń sáré di bàìbàì. Mo fi àwòrán méjèèjì sínú àyẹ̀wò náà láìtún wọn ṣe.

Bátìrì tó wú lẹ́yìn ọdún méjì, tí ẹnìkan mẹ́nu bà, kò lè hàn lọ́sẹ̀ méjì. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti iye owó, mi ò tíì lè dájọ́, torí mi ò mọ ọdún mélòó tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà yóò fi máa fi àtúnṣe sọ́fítíwià ránṣẹ́ sí i.