Lẹ́tà ìròyìn ṣọ́ọ̀bù wa ní èdè mẹ́ta: ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí

Ọmọ Ìtòkú

Èmi ni mo ń kọ lẹ́tà ìròyìn tí ṣọ́ọ̀bù aládìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà lórí ímeèlì lóṣooṣù. Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́kọ́ ń fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ń rajà láti Kútọnu àti láti Salvador ní Bùràsíìlì pọ̀ sí i, ọ̀gá wa ní kí a máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, Faransé àti Potogí. Ohùn lẹ́tà náà dà bí ti ẹ̀gbọ́n obìnrin tó ń bá àbúrò rẹ̀ nájà: gbólóhùn rẹ̀ kì í gùn, ó máa ń pani lẹ́rìn-ín, kì í sì í pariwo pé ọjà wa ló dára jù.

Nínú lẹ́tà oṣù kẹfà, a fẹ́ sọ fún wọn pé òjò kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ, nítorí náà iṣẹ́ yóò fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́. Mo kọ ọ́ pé aró àti oòrùn kò rẹ́ mọ́. Àwọn tó ka ti Yorùbá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà gẹ́lẹ́, àwọn ará Kútọnu sì ń kọ̀wé béèrè bóyá àwọ̀ aṣọ wa máa ń ṣí bí oòrùn bá pa á. Ẹ wo irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fún aládìrẹ! A tún un ṣe. Ìdádúró ọ̀sẹ̀ kan ló wá ṣáájú, lẹ́yìn náà ni a sọ pé oòrùn ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Èyí bá èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu, ó sì tún yé àwọn ará Salvador dáadáa, nítorí láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹfà ni òjò ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn. Báyìí, mo máa ń kọ iṣẹ́ tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí atúmọ̀ tó gbà á: «Ìdádúró ni eléyìí ń kéde, ẹ̀fẹ̀ yìí wà kí inú má bàa bí ẹnikẹ́ni, ẹ lè pa ẹ̀fẹ̀ dà, ẹ má fọwọ́ kan ọjọ́.»

Atúmọ̀ Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́. Faransé ni mo ń túmọ̀ sí fún àwọn oníṣòwò, ohun tí mo sì kọ́kọ́ máa ń béèrè ni bí wọ́n ṣe ń pe oníbàárà. Fún obìnrin tó ti dàgbà ní Kútọnu, `vous`, tó dà bí «ẹ» tiwa, ni mo máa ń lò, mo sì ń fi gbólóhùn kúkúrú àti ìbéèrè mú kí ara tù ú. Ohun kejì kì í hàn sí ẹni tó ń kọ Yorùbá, nítorí èdè wa kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Bí ẹ bá kọ `Cher *|FNAME|*`, níbi tí orúkọ oníbàárà ti ń rọ́pò `*|FNAME|*`, gbogbo obìnrin inú àkọsílẹ̀ orúkọ yín ti di ọkùnrin. `Bonjour *|FNAME|*` kò ní wàhálà yìí. Ní Potogí, `Boas-vindas` ni kí ẹ lò dípò `Bem-vindo`. Ẹ sì kìlọ̀ fún atúmọ̀ pé kò gbọdọ̀ túmọ̀ `FNAME`, torí bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ oníbàárà kò ní jáde.

Aláwọ Mókólá

Èmi kò gba ti `vous` yẹn, ó jọ lẹ́tà báńkì. Báàgì aláwọ ni mo ń tà, `tu` ni mo ń lò fún gbogbo ènìyàn, ní Faransé àti ní Potogí, wọ́n sì ń rà á.

Atúmọ̀ Àjàṣẹ́

Ẹ jàre ní ti Faransé, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà yín. Ṣùgbọ́n `você` ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Bùràsíìlì fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kò sì jìnnà síni bí `vous`.

Ìyá Olóṣẹ

Mo rò pé ẹ máa sọ bí ímeèlì kò ṣe ní bọ́ sínú àpótí ìdọ̀tí ni. Ní tèmi, mo to èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ímeèlì kan, Faransé ló wà nísàlẹ̀, àwọn tí mo kọ ọ́ fún kò sì ka débẹ̀. Àmì ohùn Yorùbá tún fọ́n ká lórí fóònù àwọn kan. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò ni?

Ọmọ Ìtòkú

Ìyá, ẹ má tò wọ́n pọ̀ mà. Ẹ bi wọ́n ní èdè tí wọ́n fẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá lọ. Ní ti àmì, lẹ́tà bíi «ẹ́» ní ẹ̀yà méjì tí fóònù ní láti so pọ̀, bí fọ́ǹtì kò bá sì lè so wọ́n, àmì á sún sí ẹ̀gbẹ́. Nínú lẹ́tà, a ń fi gbogbo rẹ̀ sí lẹ́yìn tí a bá ti fi ránṣẹ́ sí oríṣiríṣi fóònù tiwa wò. Àkòrí ló ṣì ń dá ìjà sílẹ̀: èmi fẹ́ kí a fi àmì ìsàlẹ̀ nìkan síbẹ̀, ọ̀gá wa ní tí àmì ohùn kò bá pé, lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.