Ṣé ẹnu ọ̀mùtí ní Lọ́ńdọ̀nù ayé àtijọ́ gba "blọ́dì"?

Òǹkọ̀wé Eré: Ẹ kú iṣẹ́ o. Eré kan ni mò ń kọ. Ìran kìíní wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1601, ìkejì ní 1914. Mo fi "blọ́dì", ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìtumọ̀ rẹ̀ gangan jẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, sí ẹnu ọ̀mùtí kan nínú méjèèjì kí àwọn òǹwòran lè ké "háà!" Ṣé ó bá àsìkò mu?

Adéọlá: Màríà Mímọ́ ni wọ́n fi ń búra tẹ́lẹ̀, wọ́n gé e kúrú, ló di blọ́dì. Lò ó, kò sí wàhálà.

Bàbá Láíbìrì: Adéọlá, ìbúra Màríà wà lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló bí blọ́dì. Ìbúra máa ń dá dúró ni. Iwájú ọ̀rọ̀ mìíràn ni blọ́dì máa ń wà láti fún un lágbára. Ní 1711, Jonathan Swift, òǹkọ̀wé tó tún jẹ́ àlùfáà ni o, kọ ọ́ sí àwọn obìnrin ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ooru mú "blọ́dì" nígbà tí òun ń rìn. Nígbà tó fi di 1755, Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tó rẹlẹ̀ gan-an ni.

Ní 1601, ìbúra tí wọ́n fi ara Ọlọ́run ṣe ló ń dẹ́rù bani. Fi "sáúnsì" sí ẹnu ọ̀mùtí rẹ: ọgbẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n fún pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Kẹ́hìndé: Ọmọ mi tó wà ní Bámíńgámù máa ń sọ blọ́dì lójú mi. Ṣé kí n fọ́ ọ létí?

Bàbá Láíbìrì: Ẹ rọra, mà. Ọ̀fúkọ́ọ̀mù tó ń bójú tó tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ kà á mọ́ ọ̀rọ̀ tí kò le. Síbẹ̀, ní 2006, àwọn tó ń yẹ ìpolówó wò níbẹ̀ kọ́kọ́ dá ìpolówó ọjà ìrìn-àjò Ọsirélíà dúró nítorí rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Ṣẹ́gun: Àwọn kan ní àwọn ọmọ ọlọ́lá oníjàgídíjàgan, tí wọ́n ń pè ní "blọ́ọ̀dù", ló fa ọ̀rọ̀ náà.

Bàbá Láíbìrì: Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ lásán. N kò lè búra sí ọ̀kan.

Ìran 1914 ló le jù, nítorí etí òde òní kò ní ta sí i. Ẹnu ọmọbìnrin tó ń ta òdòdó, tí wọ́n wọ̀ láṣọ ọlọ́lá, tó ń bá àwọn ìyá olówó mu tíì, ni òǹkọ̀wé eré Bernard Shaw fi í sí nínú eré *Pygmalion* tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún yẹn. Ibi tó ti sọ ọ́ ló mú ilé eré dàrú. Lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn ń fi orúkọ eré náà rọ́pò blọ́dì láti fi ṣẹ̀fẹ̀. Nítorí náà, yọ ọ̀mùtí kúrò nínú ìran yẹn. Gbogbo ayé ló ń retí ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wá ẹni tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀ lẹ́nu.

Òǹkọ̀wé Eré: Ẹ ṣé, sà. Ta ni yóò wá mọ̀ pé sáúnsì burú?

Bàbá Láíbìrì: Sún ìran kìíní sí 1607, kí ọ̀mùtí náà jẹ́ òṣèré tó ń gbìyànjú eré. Òfin 1606 ní kí ẹni tó bá fi orúkọ Ọlọ́run ṣàwàdà lórí ìtàgé san pọ́n-ùn 10 fún ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé eré *Othello* ti Shakespeare tí wọ́n tẹ̀ ní 1622 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 1623: wọ́n ti yọ sáúnsì nínú ìkejì. Kí ọ̀gá wọn máa ka owó ìtanràn bó ṣe ń sọ ọ́.