Kílò tó lọ, kílò tó padà: ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ eré ìdárayá wa sọ

Olùtọ́jú oúnjẹ, Ìbàdàn
Lẹ́yìn tí a sáré tán ní Sátidé, wọ́n ní kí n bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá kan ti kọ́kọ́ sọ pé omi kùkúḿbà nìkan lòun mu fún ọ̀sẹ̀ kan, kílò 4 sì kúrò lára òun. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Mà, nígbà tí ẹ padà sí èbà ńkọ́?" Ó ní kílò 3 ti padà.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ara máa ń tọ́jú díẹ̀ lára èbà àti iṣu tí a jẹ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, omi tó wúwo tó ìlọ́po 3 rẹ̀ sì ń bá a gbé ibẹ̀. Bí a bá febi pa ara, ìpamọ́ yìí ni ara ń kọ́kọ́ ná, omi rẹ̀ a sì bá ìtọ̀ jáde. Tí a bá tún jẹ èbà, àtìpamọ́ àtomi ló ń padà. Ọ̀rá tó lọ kò tó nǹkan. Bí ebi bá wá pẹ́, iṣan náà a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ẹ máa mọ̀ nígbà tí àtẹ̀gùn tí ẹ ń gùn wọ́ọ́rọ́wọ́ bá ń mú yín mí hẹlẹ.

Mo ní kí ìyá náà dín òkèlè kù sí ìdajì, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja dí àlàfo rẹ̀, kí ó sì máa fi ṣíbí wọn òróró sọ́bẹ̀. Ṣíbí ìjẹun kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 120 kálórì, ẹni tó ń dà á láti inú ìgò kì í mọ iye tó dà. Ìdajì kílò sí kílò 1 lọ́sẹ̀ ti tó.

Awakọ̀
Àmàlà alẹ́ ló ń fa gbogbo rẹ̀ o. Mo fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀, ṣòkòtò mi sì tú.

Olùtọ́jú oúnjẹ
Ẹ fọn lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n, torí pé odindi oúnjẹ kan ni ẹ yọ. Ti aago tó yẹ ká jẹun, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Ìyá aláṣọ
Èmi ní àtọ̀gbẹ, mo sì ń lo oògùn. Ìgbà tí èmi náà fi omi kùkúḿbà nìkan gbààwẹ̀ kí n lè fọn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òógùn bò mí, ojú mi ń ṣú. Ọmọ mi ló po ṣúgà fún mi mu. Ṣé kùkúḿbà ò bá àtọ̀gbẹ mu ni?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì
Kì í ṣe kùkúḿbà, mà. Ṣúgà yín ló já wálẹ̀. Ínsúlíìnì àti àwọn oògùn oníhóró kan ń fa ṣúgà wálẹ̀, ẹ jẹun o, ẹ ò jẹun o. Ẹ rí dókítà nípa ìwọ̀n oògùn kí ẹ tó dín oúnjẹ kù. Mo tún ti tọ́jú àwọn tó fọn lójijì tí òkúta wá wà nínú àpò òróòro wọn: ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá.

Akẹ́kọ̀ọ́
Màmá mi ló ń bu oúnjẹ nílé. Bí mo bá ní ó pọ̀, wọ́n á ní ta ló ṣẹ̀ mí.

Ìyá aláṣọ
Ọmọ mi, jẹ́ kí wọ́n bù ú. Gé ìdajì òkèlè sọ́tọ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án, kó di ti ọ̀la. Ọbẹ̀ ni kí o ní kí wọ́n fi kún un, kò síyàá tó máa bínú síyẹn.