Àfi nọ́ńbà Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń gbà: báwo ni mo ṣe máa yọ àdírẹ́sì wa?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Yábàá ni mo wà. Sáìtì Amẹ́ríkà kan gbé àdírẹ́sì ilé tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ gbé ní Texas síta, òun ṣì ń gbé ibẹ̀. Mo lẹ líǹkì ojú ewé náà sínú fọ́ọ̀mù ìyọkúrò wọn, mo sì tẹ líǹkì tí wọ́n fi sí ímeèlì mi. Wọ́n ní àwọn máa pè mí fún kóòdù, ṣùgbọ́n nọ́ńbà +1 nìkan ni wọ́n ń gbà, +234 sì ni tèmi. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi lè bá mi gba ìpè náà? Bí mo bá kọ ímeèlì sí wọn ńkọ́, tí wọ́n bá béèrè káàdì ìdánimọ̀, ṣé mo lè bo nọ́ńbà àti fọ́tò orí rẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí láti fún wọn ní ohun tí wọn kò ní tẹ́lẹ̀.