Lẹ́tà kejì ni wọ́n tó gbà fún mi

Àdùkẹ́: Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń gba fáìlì òjò sílẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Lónìí orúkọ rẹ̀ á jẹ́ `ojo_12-05.xlsx`, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e á di `ojo titun.xlsx`. Ọwọ́ ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti tẹ́lẹ̀.

Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí àwọn tó ni fáìlì náà, mo ní kí wọ́n fún wa ní API. Wọ́n ní àwọn ò lówó rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni: ohun ńlá ni mo tọrọ, bẹ́ẹ̀ ohun kékeré ni mò ń wá. Nínú èkejì, mo ro ẹjọ́ mi. Wọ́n kọ 03/04 fún ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, kọ̀ǹpútà wa kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. A ò fura, àfi ìgbà tí gbogbo ọjọ́ láti 13 sókè kọ̀ tí wọn ò ṣeé kà, torí kò sí oṣù kẹtàlá. Mo wá bẹ̀ wọ́n fún fáìlì kan ṣoṣo, ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà, mo sì kọ bí mo ṣe fẹ́ ẹ:

```
ibudo,deeti,mm
00412,2024-04-03,18.5
```

(Mi ò kọ `ojo` sórí òpó kankan. Láìsí àmì, ta ló máa mọ̀ bóyá ọjọ́ ni àbí òjò?) Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n gbà.

Kọ́lá: Kí ni ti lẹ́tà? Ètò kékeré kan ni mo kọ tó ń wá líǹkì fúnra rẹ̀. Oṣù kẹjọ rèé, kò yọ mí lẹ́nu.

Ìyá Ìbejì: Kọ́lá, àwa náà ṣe é rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n tún ojú òpó wọn ṣe, ètò wa ò pariwo. Ojú ìwé "ẹ padà wá láìpẹ́" ló ń gbà sílẹ̀, èsì sì ń jẹ́ 200 bí ẹni pé kò séwu. Ọjọ́ mọ́kànlá kọjá ká tó mọ̀. Ní báyìí, bí ìlà àkọ́kọ́ ò bá jẹ́ orúkọ òpó tí a mọ̀, a ò gbà á wọlé. Àdùkẹ́, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fi `Last-Modified` ránṣẹ́ pẹ̀lú fáìlì, kí èyí má bàa gba ohun tí kò yí padà lẹ́ẹ̀mejì:

```
curl -f -R -z latest.csv -o latest.csv https://example.org/latest.csv
```

Ṣẹ́gun: Tiwa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń já láàárín fáìlì. Ṣé lẹ́tà á mú un yá?

Àdùkẹ́: Rárá o, ìyẹn ò kan àwọn tó ni fáìlì. Wo `curl -C -`, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti já.

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé. Ohun kan ṣì ń dùn mí. Lóṣù tó kọjá wọ́n tún iye òjò oṣù kẹta ṣe nínú fáìlì kan náà, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé òpó "ọjọ́ àtúnṣe" ni kí n tọrọ, àbí kí wọ́n máa tọ́jú ti àtijọ́ sọ́tọ̀?

Ìyá Ìbejì: Òpó yẹn ló rọrùn fún wọn. Ṣùgbọ́n kò ní sọ iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún ẹ. Àwa ń tọ́jú ẹ̀dà tiwa lójoojúmọ́, àyè sì ti ń tán.